"Approve" ni àbí "approves"? Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń tẹ̀lé "suggest", "insist" àti "recommend" nínú lẹ́tà àti ìwé àbá

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Omi

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ kan tó ń bójú tó àtúnṣe ẹ̀rọ omi, èmi ni mo sì kọ ìwé àbá tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ olùdarí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Gbólóhùn mẹ́ta nínú ìwé náà ló fa ìbéèrè mi. Báyìí ni mo ṣe kọ wọ́n:

```
1. We recommend that the Board approves the second phase.
2. We insist that the contractor submits a test certificate
   before each payment.
3. The meter readings suggest that the main tank leaks.
```

Alága wa ka ìwé náà, ó sì fi gègé pa "s" ìparí rẹ́ lára ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n wá di "approve", "submit" àti "leak". Wọn kò ṣàlàyé, nítorí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé ni pé bí olùwà bá jẹ́ ẹyọ kan, tí ọ̀rọ̀ sì jẹ́ ti ìsinsìnyí, ọ̀rọ̀-ìṣe gbọ́dọ̀ gba "s". Ṣé àtúnṣe náà tọ̀nà ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ìkẹta ló ń kọ mí lóminú jù, torí pé bí mo ṣe ń kà á báyìí, ó ń ṣe mí bíi pé ìtumọ̀ rẹ̀ ti yí padà.

Bàbá Fáìlì

Ọmọ mi, alága yín tọ̀nà. Òfin tí wọ́n fi lé wa lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì ni pé bí "suggest", "insist" tàbí "recommend" bá ti ṣáájú, tí "that" sì tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò gbọdọ̀ gba "s" rárá, bẹ́ẹ̀ ni "is" àti "are" kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀. "Be" ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ máa wo ọ̀rọ̀ tó ṣáájú. Bí ẹ bá ti rí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ẹ yọ "s" kúrò, kí ọkàn yín sì balẹ̀.

Ìyá Olùkọ́

Ẹ kú ìjíròrò o. Ohun tí èmi fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì ni pé gbólóhùn tí kò bá sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ gbọ́dọ̀ gba "were", bí a ṣe ń sọ pé "If I were the chairman". Nítorí náà, ṣé kì í ṣe "We recommend that the contractor were present at the test" ló yẹ ká máa kọ nínú irú ìwé yìí?

Olóòtú Ìwé

Ẹ kú iṣẹ́, gbogbo yín. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ ni kí n máa tún ìwé àbá àti ìjábọ̀ ṣe kí wọ́n tó jáde, irú ìbéèrè yìí sì máa ń dé ọ̀dọ̀ mi lemọ́lemọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ dá Ìyá Olùkọ́ lóhùn, mà. "Were" tí ẹ mẹ́nu kàn wà fún ohun tí a ń fọkàn rò tàbí tí a ń fẹ́ ṣùgbọ́n tí kò rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn lẹ́yìn "if" àti "wish". Ìwé àbá kò fọkàn rò ó pé agbaṣẹ́ṣe wà níbẹ̀. Ó ń béèrè pé kí ó wá síbẹ̀. "We recommend that the contractor be present at the test" ni Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ ní irú ibẹ̀. Orúkọ kan náà ni àwọn onígírámà ń pe méjèèjì, sọ́bújọ́ńtíìfù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dàrú mọ́ ara wọn lójú ọ̀pọ̀ èèyàn.

Bàbá Fáìlì, ẹ ṣeun, sà. Òfin tí ẹ mú wá bá ìkíní àti ìkejì mu pátápátá, àmọ́ ó ba ìkẹta jẹ́. Ohun tí òǹkọ̀wé fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ló ń pinnu ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe, àwa tí a ń sọ Yorùbá sì ní ọ̀nà kan tó rọrùn láti dá a mọ̀. Ẹ sọ gbólóhùn náà ní Yorùbá, kí ẹ wá fetí sílẹ̀ bóyá "kí" wà níbẹ̀. A dámọ̀ràn pé kí Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí ìpele kejì. A fi dandan lé e pé kí agbaṣẹ́ṣe máa mú ìwé-ẹ̀rí àyẹ̀wò wá. "Kí" wà nínú méjèèjì, torí pé ohun tí a ń béèrè kò tíì ṣẹlẹ̀, a sì fẹ́ kí ẹnì kan ṣe é. Ní irú ibẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe sílẹ̀ ní pọ́ńbélé, láìfi "s" kún un, láìsí àmì ìgbà lára rẹ̀.

Ẹ wá wo ìkẹta: àkọsílẹ̀ mítà fi hàn pé táǹkì ńlá náà ń jò. "Pé" nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń béèrè pé kí táǹkì jò. Ìròyìn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ni mítà ń mú wá. "Suggest" ibẹ̀ kì í ṣe ti àbá mọ́, ti ẹ̀rí ni. Nítorí náà "leaks" ni kó wà. Bí alága ṣe yọ "s" yẹn, ẹni tó bá mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa á kọ́kọ́ rò pé àṣìtẹ̀ ni, àbí kó tiẹ̀ rò pé "tanks" lẹ fẹ́ kọ, kó sì máa wá táǹkì kejì kiri nínú ìwé yín.

Ọmọ Iléeṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n Olóòtú, ọ̀rọ̀ yín bá ohun tó wà níwájú mi báyìí mu gan-an. Jẹnẹrétọ̀ wa jóná, ilé iṣẹ́ adójútòfò sì ní a kò tún un ṣe déédéé kó tó jóná, wọ́n ní torí ìyẹn ni àwọn kò fi ní san owó. Mo kọ lẹ́tà sí wọn pé:

```
We insist that the generator was serviced every month.
```

Ọ̀gá mi yí i padà sí "be serviced", ó ní lẹ́yìn "insist", "be" ni òfin. Lẹ́tà náà kò tíì jáde. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Olóòtú Ìwé

Ẹ má fi í sílẹ̀ o, ẹ tètè gbà á padà. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, "insist" ni àṣìṣe rẹ̀ léwu jù, nítorí pé gbólóhùn méjèèjì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán, ìtumọ̀ wọn sì jìnnà síra wọn. Bí ẹ ṣe kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ ń sọ pé òótọ́ ni pé ẹ ń tún jẹnẹrétọ̀ náà ṣe lóṣooṣù, ẹ kò sì ní yí ohùn padà lórí rẹ̀. Bí ọ̀gá yín ṣe kọ ọ́, ẹ ń fi dandan lé e pé kí ẹnì kan máa tún jẹnẹrétọ̀ kan ṣe lóṣooṣù láti ìsinsìnyí lọ. Lẹ́tà tó yẹ kó gbé ẹjọ́ yín ró wá di lẹ́tà tí kò sọ ohunkóhun nípa ohun tó ti kọjá. Ẹni tí kò bá fẹ́ san owó náà fún yín lè sọ pé ẹ kò tiẹ̀ fi ẹnu ara yín sọ pé ẹ tún un ṣe rí.

Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé ọ̀gá yín lè tún yí i padà, ẹ yọ "insist" kúrò pátápátá. Ẹ kọ "We maintain that the generator was serviced every month", kí ẹ sì so àkọsílẹ̀ àtúnṣe mọ́ ọn. "Maintain" kò ní ìtumọ̀ àṣẹ nínú irú gbólóhùn yẹn, kò sì ní fa àríyànjiyàn kankan.

Agbẹjọ́rò Àṣálẹ́

Mo gbà pẹ̀lú Olóòtú lórí ìkẹta àti lórí ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀. Àmọ́ kò yẹ ká jẹ́ kí Akọ̀wé lọ rò pé "approves" tí ó kọ jẹ́ ìwà ọ̀dàràn sí èdè. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìlú Òyìnbó fúnra wọn, ọ̀rọ̀-ìṣe pọ́ńbélé yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nígbà kan. Amẹ́ríkà ló dì í mú gírígírí, láàárín ọ̀rúndún ogún ló sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́nu àwọn ará ìlú Òyìnbó. "Should" ni wọ́n fi kọ́ èmi: "We recommend that the Board should approve the second phase". Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì máa ń kọ "approves" láìka ara wọn sí aláṣìṣe. Èmi kì í fi "should" sílẹ̀, nítorí pé ó ń jẹ́ kí ẹni tí kò mọ òfin yìí rí i pé àbá ni mò ń mú wá.

Olóòtú Ìwé

Òótọ́ ni, n kò sì ní bá yín jiyàn lórí ìtàn rẹ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn pọ́ńbélé ju "approves" lọ nínú ìwé àbá kò ju pé ó ń mú iyèméjì kúrò. Ẹ wo "The manager insists that the guard locks the gate". Ṣé ọ̀gá ń sọ pé ẹ̀ṣọ́ máa ń ti géètì, tàbí ó ń pàṣẹ pé kí ó máa tì í? Gbólóhùn yẹn lè gba méjèèjì. Bí a bá kọ "lock", àṣẹ nìkan ló kù.

Ní ti "should", òun náà ní ibi tó ti ń yọ̀. "The tests suggest that the pump should last ten years" kì í ṣe àbá. Ohun tí wọ́n ń retí pé kó ṣẹlẹ̀ ni. Síbẹ̀, ibi kan wà tí mo gbà pé "should" sàn ju pọ́ńbélé lọ, ibẹ̀ sì ni ibi tí olùwà bá ti jẹ́ ọ̀pọ̀. Bí ẹ bá kọ "The auditors insist that the guards lock the gate", kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi mọ̀ bóyá ìròyìn ni tàbí àṣẹ, torí pé "guards lock" kò ní "s" tí a lè yọ. Níbẹ̀, "should lock" ló ń là á.

Agbẹjọ́rò Àṣálẹ́

Ẹ rí i pé ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Bí "should" bá ṣe é lò fún ọ̀pọ̀, kí ló dé tí a kò fi ní lò ó fún gbogbo rẹ̀, kí ìwé náà lè ní ohùn kan ṣoṣo?

Olóòtú Ìwé

Nítorí pé nínú ìwé àbá tó ní kókó mẹ́wàá, "should" mẹ́wàá máa ń dà bí ìwàásù létí ẹni tó ń kà á. Ṣùgbọ́n ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ọkàn o, bí iléeṣẹ́ yín bá sì ti yan "should", ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹ má da méjèèjì pọ̀ nínú ìwé kan náà.

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Omi

Ẹ ṣeun gan-an. "Kí" yẹn yé mi, mo sì ti fi wo gbogbo ìwé náà. Ó ku ibi mẹ́ta tí ojú mi kò tíì là sí. Àkọ́kọ́, a kò fẹ́ kí wọ́n tún àdéhùn agbaṣẹ́ṣe yìí ṣe, mo sì kọ "We recommend that the Board does not renew the contract". Èkejì, gbólóhùn kan gùn, ó sì ní ọ̀rọ̀-ìṣe méjì: "We insist that any worker who enters the tank wears a harness". Ṣé kí n yọ "s" lára méjèèjì? Ẹ̀kẹta ni àkọsílẹ̀ àbá wa ní ìparí ìwé, tí mo tò báyìí:

```
We recommend that the Board:
a. approves the second phase;
b. to appoint an independent engineer;
c. should not renew the present contract.
```

Olóòtú Ìwé

Àkọ́kọ́: ẹ yọ "does" kúrò, kí ẹ sì fi "not" síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe: "We recommend that the Board not renew the contract". Ó máa ń ṣàjèjì létí lákọ̀ọ́kọ́, àmọ́ òun ló tọ̀nà. Ẹ má ṣe sá fún un nípa gbígbé "not" lọ sí iwájú gbólóhùn. "We do not recommend that the Board renew the contract" túmọ̀ sí pé ẹ kò dámọ̀ràn àtúnṣe àdéhùn náà. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe tẹ́lẹ̀ lè sọ pé ẹ kò kọ̀ ọ́, ẹ kàn dákẹ́ ni. "Not renew" ló sọ pé kí wọ́n má ṣe é.

Èkejì ni mo fẹ́ràn jù nínú ìbéèrè yín, torí ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí àwọn tó gbọ́n jù tí wọ́n ń ṣì í. Ẹ padà sí Yorùbá: a fi dandan lé e pé kí òṣìṣẹ́ tó bá wọ inú táǹkì de okùn ààbò. Èwo ni "kí" ń pàṣẹ? Okùn dídè ni. A kò pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni wọ táǹkì. "Tó bá wọ inú táǹkì" kàn ń sọ irú òṣìṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn ni. Nítorí náà "enters" di "s" rẹ̀ mú, "wears" sì pàdánù tirẹ̀:

```
We insist that any worker who enters the tank wear a harness.
```

Irú àṣìṣe tó jọ èyí tún máa ń wáyé níbi tí àṣẹ méjì bá so pọ̀. Ẹ ó rí "that the engineer inspect the valves and submits a report". Òǹkọ̀wé rántí òfin ní ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó ti gbàgbé rẹ̀ kó tó dé ìkejì. "Kí" kan náà ló ń darí méjèèjì, nítorí náà "inspect" àti "submit" ni.

Ẹ̀kẹta: ọ̀rọ̀ ìṣáájú yín parí sí "that the Board", ìyẹn ni pé kókó kọ̀ọ̀kan ń bá gbólóhùn kan náà lọ, ó sì gbọ́dọ̀ ṣe é kà pa pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ ka ìlà ìkejì pọ̀, ẹ ó gbọ́ "that the Board to appoint", tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

```
We recommend that the Board:
a. approve the second phase;
b. appoint an independent engineer;
c. not renew the present contract.
```

Ohun mìíràn tí ẹ máa bá pàdé ni ìjábọ̀ ohun tó ti kọjá. Bí ẹ bá ń kọ pé ìgbìmọ̀ dámọ̀ràn rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, "recommended" nìkan ló máa yí padà. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀lé e kò ní yí: "The committee recommended that the work begin at once".

Ìyá Olùkọ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ béèrè nípa "kí" yìí kan náà, torí mo ti fi dán gbólóhùn mìíràn wò. Ní Yorùbá, mo fẹ́ kí akápò wá. Ṣé "I want that the treasurer come" ni kí n wá máa kọ?

Olóòtú Ìwé

Rárá, mà, ó sì dára tí ẹ béèrè. "Want" kì í gba "that" ní irú ibẹ̀ rárá. "I want the treasurer to come" ni. "Kí" kò lè sọ fún wa irú gbólóhùn tí ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan ń gbà, nítorí pé ó ń tẹ̀lé "fẹ́", "jẹ́", "gbà láyè" àti ọ̀pọ̀ mìíràn ní Yorùbá. Ẹ lò ó kìkì nígbà tí ẹ bá ti kọ "suggest", "insist", "recommend" tàbí àwọn ọmọ ìyá wọn bíi "request", "propose" àti "demand", tí "that" sì ti tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀-orúkọ wọn náà wà níbẹ̀: "Our recommendation is that the valve be replaced". Ẹ tún ṣọ́ra fún "kí ó tó", tó jẹ́ ti ìgbà, kò sì bá àṣẹ tan.

Ọmọ Títun

Ẹ jọ̀wọ́, ìgbà gbogbo ni mo máa ń kọ "We suggest the Board to approve". Ṣé ó burú ni? Mo rí "We recommend customers to read the form" níbi kan, ó sì dà bíi pé irú kan náà ni.

Agbẹjọ́rò Àṣálẹ́

"Suggest the Board to approve" kò tọ̀nà níbikíbi, àbúrò. Ẹ lè kọ "suggest that the Board approve", tàbí bí ẹ kò bá fẹ́ dárúkọ ẹni tó máa ṣe é, "suggest approving". "Insist the Board to" náà kò sí. "Insist on" ni ó ń gbà bí ẹ bá fẹ́ yẹra fún "that". Ní ti "recommend customers to read", èmi máa ń rí i nínú ìwé àwọn ará ìlú Òyìnbó, n kò sì kà á sí àṣìṣe.

Olóòtú Ìwé

Èmi á yí i padà bí ó bá dé orí tábìlì mi, torí pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé á rò pé "suggest" náà lè gba irú rẹ̀. Ibi tí èmi àti Agbẹjọ́rò kò ti gbà fún ara wa nìyẹn.

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Omi

Mo ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó ku ìkẹta, "leaks", tí mo gbọ́dọ̀ dá "s" rẹ̀ padà lẹ́yìn tí alága ti fi ọwọ́ ara wọn pa á rẹ́. Àgbà ni wọ́n, mi ò sì fẹ́ kó dà bíi pé mò ń kọ́ wọn.

Bàbá Fáìlì

Ọmọ mi, mo ti ka ọ̀rọ̀ Olóòtú, ìyàtọ̀ ẹ̀rí àti àbá sì yé mi. Má wulẹ̀ dá "s" kankan padà. Kọ "The meter readings suggest a leak in the main tank". Kò sí "that" níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe kejì tí ẹnikẹ́ni máa fi gègé tọ́, ohun tí mítà sọ sì wà níbẹ̀ láìyẹ̀.